Ìwé Gbèsè Ni Ká Kọ́kọ́ Kọ: Títún Owó Tò Lẹ́yìn Tí Iṣẹ́ Bá Bọ́ Tàbí Tí Òwò Bá Dẹnu Kọlẹ̀

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí níbi ìpàdé àwa ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí wọn kò ráyè wá.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Mo ti ń ṣe akápò fún ọjọ́ pípẹ́, orí tábìlì mi sì ni ọ̀rọ̀ ẹni tí òwò rẹ̀ wó tàbí tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sábà máa ń balẹ̀ sí. Bí wọ́n bá ti jókòó, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bi mí ni pé, “Akápò, ibo ni mo ti lè rówó tí mo máa fi tún bẹ̀rẹ̀?” Èmi náà á bi wọ́n pé, “Èló lẹ jẹ?” Ibẹ̀ ni ẹnu máa ń wọhò. Ẹlòmíràn á dá iye kan, á sì fi ẹ̀rín kún un. Mi ò tíì rí ẹni tí iye tó kọ́kọ́ dá pé.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìtàn arábìnrin kan sọ. Ó gbà kí n sọ ọ́, ó ní kí n ṣá má dárúkọ òun. Ẹja yìnyín àti adìyẹ ló ń tà ní agbègbè Challenge. Ó ní fìrísà ńlá kan, kékeré kan, jẹnẹrétọ̀ kan àti òṣùwọ̀n. Ọjà náà ń lọ dáadáa títí di ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Jálá epo... ẹ má bínú, lítà epo bẹntiróò tí kò tó ₦200 fò dé nǹkan bíi ₦500. Lítà márùn-ún ló ń lò lójúmọ́ kí ẹja má baà yọ́. Ohun tí kò tó ₦1,000 di ₦2,500 lójoojúmọ́, ìyẹn lé ní ₦17,000 lọ́sẹ̀ kan. Kò rọrùn láti fi gbogbo rẹ̀ lé orí ẹja, torí àwọn oníbàárà ń sá.

Ó lọ yá ₦300,000 ní báńkì máíkírò láti fi dí ihò náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún ni wọ́n fi gé e fún un, ₦16,250 lọ́ọ̀sẹ̀. Èrè ọjà kò tó o san, ló bá ń yọ ọ́ nínú owó ọjà fúnra rẹ̀. Páálí mẹ́wàá tó ń gbé di mẹ́jọ, mẹ́jọ di márùn-ún, àmọ́ epo tí fìrísà ń mu kò dín, nítorí fìrísà tó ṣófo dé ìdajì ń mu epo bí èyí tó kún. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ó ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní òun jẹ nǹkan bíi ₦400,000. Mo fún un ní ìwé kan, mo ní kó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó lè pè é lórí fóònù lónìí tí kò ní fẹ́ gbé e. Bí a ṣe kọ ọ́ nìyí. Báńkì máíkírò, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ló kù, ₦227,500. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ₦180,000. Oníkóòdù rúùmù tó ń gbé ẹja fún un láwìn, ₦140,000. Lóònù orí fóònù tó yá ní ₦60,000, ó ti di ₦84,000. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ₦100,000. Mo wá bi í pé ṣé kò sí níbi èsúsú kankan. Ó ní ó wà, àmọ́ òun ti gba tòun. Mo ní ìgbà wo ló gbà á? Ó ní ìgbà kẹta nínú mẹ́jọ. Ìyẹn ni pé ó kù ₦10,000 lóṣù fún oṣù márùn-ún tó gbọ́dọ̀ san fún àwọn ẹlòmíràn. Gbèsè ₦50,000 ni, kò sì kà á mọ́ gbèsè rárá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦781,500.

Ó sunkún. Mo fi í sílẹ̀ kó sunkún náà tán, nítorí iye tó wà lórí ìwé yẹn, ó ti ń gbé e kiri nínú àyà rẹ̀ láìmọ bó ṣe wúwo tó. Lẹ́yìn náà la ṣí ojú ìwé kejì, a kọ ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ àti ohun tí àwọn èèyàn jẹ ẹ́. Owó lọ́wọ́, ₦46,000. Àwìn tó tà, ₦63,000. Ẹ máa rántí àwọn ọ̀ṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn kiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n máa ń lóṣòó sí ojúlé onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Arábìnrin yìí kò lóṣòó, àmọ́ ó lọ sí ilé kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ owó oṣù, ó sì rí ₦38,000 gbà. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Èyí tó kù, a kò kà á mọ́ owó mọ́.

Ó ta fìrísà ńlá ní ₦130,000, ó ta jẹnẹrétọ̀ ní ₦95,000. Fìrísà kékeré, ₦45,000 péré ni wọ́n ń dá a lé, bẹ́ẹ̀ ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ kò lè ra tuntun. Mo ní kó má tà á. Nígbà tí a ṣírò gbogbo ẹ̀, owó tó wà nílẹ̀ jẹ́ ₦309,000.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà jù nìyí, ẹ jẹ́ ká rọra rìn níbẹ̀. Bí ₦309,000 bá wà lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ₦781,500, ọ̀nà méjì ló máa ń pe ọkàn rẹ̀. Ọ̀kan ni kó kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn tó ń pariwo jù, kí fóònù lè sinmi. Èkejì ni kó kó gbogbo rẹ̀ sínú ọjà tuntun, pé ọjà náà ni yóò san gbèsè. Méjèèjì ló máa ń dá èèyàn padà sí òdo láàárín oṣù méjì, nítorí pé kò sí èyí tó rántí pé ilé á jẹun ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nítorí náà oúnjẹ la kọ́kọ́ ṣírò, ọ̀sẹ̀ la sì fi ṣírò rẹ̀. Owó oṣù ti lọ, kò sí ìdí tí ètò fi gbọ́dọ̀ máa rìn lóṣooṣù mọ́. Oúnjẹ fún òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ méjì, ₦14,000. Owó ọkọ̀, ₦3,500. Gáàsì àti iná, ₦2,500. Owó ilé wọn jẹ́ ₦240,000 lọ́dún, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa ya ₦5,000 sọ́tọ̀ lọ́ọ̀sẹ̀ fún un, nítorí owó ilé ní Ìbàdàn kì í wá díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń já luni. Owó ilé ìwé, ₦5,000 pẹ̀lú. Ó jẹ́ ₦30,000. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ fún ẹlòmíràn, ó lè mú ₦15,000 wálé. Àlàfo tó kù jẹ́ ₦15,000 lọ́ọ̀sẹ̀.

A yọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àlàfo náà sẹ́yìn, ₦120,000, kí a tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn kan lè rò pé ìwà àìṣòótọ́ ni, pé báwo ni onígbèsè á ṣe tọ́jú owó oúnjẹ pa mọ́. Èmi rí i pé ẹni tí ebi ń pa nílé yóò tún yá owó lọ́sẹ̀ kẹta, ẹni tó bá tún yá owó lọ́sẹ̀ kẹta kò lè san ti ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn ló ń dáàbò bo àwọn tó jẹ lówó pàápàá. Lẹ́yìn náà a yọ ₦60,000 fún iṣẹ́, ó wá ku ₦129,000 tí a lè fi kojú gbèsè.

Báwo la ṣe mọ ẹni tí a máa kọ́kọ́ dá lóhùn? A bi ara wa lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan pé: bí a kò bá san án lóṣù yìí, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Ariwo kò sí nínú ìbéèrè yẹn.

Lóònù orí fóònù ló ń yára pọ̀ jù. Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, àwọn tó ń yáni lówó èlé nílẹ̀ wa ni wọ́n ń pè ní ṣógúndogójì, torí ogún tí o bá gbà yóò di ogójì. Inú fóònù ni wọ́n wà báyìí. A kọ̀wé sí wọn pé a ní owó kan tí a lè san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n gba ₦66,000 dípò ₦84,000. Ẹ má san kọ́bọ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀ ránṣẹ́ pé ìyẹn ló parí gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ìwé náà. A san án, a sì pa á rẹ́.

Ti báńkì máíkírò yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ onígbèsè á pa fóònù, wọ́n á sì sá lọ ṣí àkáǹtì síbòmíràn. Kò ṣiṣẹ́ mọ́. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó fún ẹni tó yáni lówó láǹfààní láti fa owó rẹ̀ yọ nínú àkáǹtì yòówù tí BVN onígbèsè bá so mọ́, tó bá ti fọwọ́ sí i nígbà tó ń yá owó náà. Èlé tó ti gorí owó náà wà nínú ohun tí wọ́n lè fà, owó ìtanràn kò sí níbẹ̀. Ẹ wo bó ṣe lè rí: ẹ̀gbọ́n yín fi ₦50,000 ránṣẹ́ fún oúnjẹ, kí ẹ tó dé ibi ẹ̀rọ owó, ó ti wọlé lọ. Ohun tó dáa ni kéèyàn lọ bá wọn kó tó pa ọ̀sẹ̀ kejì jẹ. Arábìnrin náà mú ìwé méjèèjì tí a kọ lọ, èyí tó jẹ àti èyí tó ní, ó gbé wọn síwájú ọ̀gá ibẹ̀. Ó ní ₦30,000 tí wọ́n fi dandan mú un fi pa mọ́ kó tó rí owó yá, ó ní kí wọ́n yọ ọ́ nínú gbèsè. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi ₦12,500 kún un fún àkókò tí wọ́n fà gùn, ó di ₦210,000, tí yóò máa san ₦5,000 lọ́ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjìlélógójì. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ láìmú ìwé dání, ẹ̀bẹ̀ ló máa bẹ̀, wọn á sì bi í pé ìgbà wo. Kò ní mọ ohun tó máa fọ̀.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, àwọn onídùúró méjì ló wà lẹ́yìn owó náà. Bí kò bá san, owó àwọn yẹn la máa dì mú. Ìyẹn ló mú un ṣe pàtàkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í pariwo. Ó ní ₦110,000 nínú àkójọ rẹ̀, àwọn ìgbìmọ̀ sì gbà kí a fi ₦100,000 níbẹ̀ pa gbèsè, kó fi ₦10,000 sílẹ̀ kó má baà jáde nínú ẹgbẹ́. Ó ku ₦80,000, ₦4,000 lóṣù.

Oníkóòdù rúùmù, ₦40,000 ló fún un lójú ẹsẹ̀. Fún ₦100,000 tó kù, àdéhùn wọn ni pé owó ọwọ́ ni yóò máa fi ra ẹja láti ìsinsìnyí lọ, àti pé lórí páálí kọ̀ọ̀kan tó bá rà, yóò fi ₦2,500 lé e fún gbèsè. Mo fẹ́ràn àdéhùn yìí gan-an. Bí ọjà bá lọ, gbèsè á lọ. Bí ọjà bá dúró, gbèsè kò ní fún un lọ́rùn. Èsúsú, kò gbọ́dọ̀ pa oṣù kan jẹ, nítorí ìyá kan wà tí oṣù yẹn kàn láti gba tirẹ̀. Àbúrò rẹ̀, ó jókòó tì í, ó sì sọ fún un pé títí báńkì yóò fi parí, òun kò ní lè san nǹkan kan. Inú àbúrò kò dùn. Ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tí yóò máa retí, kò sì pè é mọ́.

Ó wá kan iṣẹ́. Kò tún lè fi ẹja yìnyín jẹun, iná ló pa ìyẹn. Ó pinnu láti máa yan ṣàwá. Eédú nìkan ló nílò, ẹja tó bá sì ti gbẹ kò bẹ̀rù àìsí iná. Páálí kan jẹ́ ₦48,000 nígbà náà, eédú, ọ̀rá àti owó ọkọ̀ jẹ́ ₦6,000, ó ń tà á ní ₦63,000. Èrè orí páálí jẹ́ ₦9,000. Bí ₦2,500 oníkóòdù rúùmù bá kúrò, ó ku ₦6,500.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ọ̀sẹ̀ kan ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àlàfo ilé, ₦15,000. Báńkì, ₦5,000. Ẹgbẹ́, ₦1,000. Èsúsú, ₦2,500. Ó jẹ́ ₦23,500. Páálí mẹ́ta yóò fún un ní ₦19,500, kò tó. Páálí mẹ́rin yóò fún un ní ₦26,000. Nítorí náà páálí mẹ́rin lọ́ọ̀sẹ̀ ni gbogbo ètò náà dúró lé. Mo ní kó fi báírò kọ ọ́ gàdàgbà sí èèpo ìwé: MẸ́RIN. Owó iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ti páálí kan lọ, ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ ra, kó yan, kó sì tà tán láàárín ọjọ́ kan ààbọ̀ kó tó lè ra òmíràn. Àwọn olóúnjẹ ló gbójú lé ju àwọn tó ń ra ẹyọ méjì méjì lọ.

Láti mọ̀ bóyá ó ti tún ń jẹ owó ọjà, alẹ́ Sátidé ló fi ń wò ó. Owó inú kọ́ọ́bù àti ẹja tí kò tíì tà, bí a bá pa wọ́n pọ̀, kò gbọ́dọ̀ kéré sí ₦60,000. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ó ka ₦47,000. Ó wá mi wá, a wá ibi tí ₦13,000 gbà. Kì í ṣe pé ó ná an. Páálí kan tó rà ti yọ́ nígbà kan rí, wọ́n sì tún un dì. Nígbà tó gbé e sórí iná, inú ẹja bẹ́, ara rẹ̀ fọ́ sórí wáyà, ìdajì rẹ̀ ló tà ní ẹ̀dínwó. Láti ọjọ́ náà, kó tó sanwó, ó máa ń ṣí ìsàlẹ̀ páálí wò. Bí yìnyín tó dì síbẹ̀ bá pọ́n bí omi ẹ̀jẹ̀, tí páálí náà sì ti rọ̀ tó tún gbẹ, kì í gbé e. A fa ₦13,000 yọ nínú owó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, a dá a padà sórí owó ọjà ní alẹ́ yẹn gan-an. Ká ní kò kà á ní Sátidé ni, oṣù kan ni ì bá fi rò pé ọjà ló dùbúlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ló kọ́kọ́ ta páálí mẹ́rin. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó ń ta méjì tàbí mẹ́ta, owó tí a yà sọ́tọ̀ ló ń dí ìyókù, ìdí nìyẹn tí ti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ fi tó o lò kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ oṣù ló bọ́ lọ́wọ́ yín, ìwé méjì náà ni tiyín, àmọ́ mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín lọ́tọ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 gbà pé bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún, tí kò sì rí òmíràn láàárín oṣù mẹ́rin, ó lè gba ìdá mẹ́rin owó rẹ̀, ìyẹn 25 nínú 100, jáde lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá a tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì. Àwọn kan ń jẹ gbèsè lórí owó yìí láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ ka oṣù mẹ́rin náà mọ́ ọ̀sẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi nǹkan mìíràn jẹun, ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni. Kí ẹ sì lọ gba ìwé àkáǹtì náà lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀gá yín ń san án síbẹ̀ lóòótọ́. Ìdá 8 nínú 100 owó oṣù yín ni wọ́n ń yọ, 10 nínú 100 sì ni ó kéré tán tó yẹ kí ọ̀gá fi kún un. Mo ti rí ẹni tí wọ́n yọ tirẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tí kọ́bọ̀ kò wọlé. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbà tí ẹ ṣì ń bá iléeṣẹ́ náà yanjú owó ìkẹyìn lẹ gbọ́dọ̀ bèèrè, kí ẹ mú ìwé owó oṣù tí wọ́n ti yọ ọ́ dání. Bí ẹ bá sì ti yá owó lórí owó oṣù yín, ẹ mọ̀ pé owó ìkẹyìn tó bá wọ àkáǹtì yẹn, báńkì lè kọ́kọ́ mú tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹ lọ bá wọn kí ó tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ arábìnrin ẹlẹ́ja ni mo máa fi kásẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjìlélógójì báńkì pé, ó san án tán. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló bẹ̀rẹ̀ sí san ti àbúrò rẹ̀, ₦5,000 yẹn náà. Nígbà tí àwọn ìyá ọjà tún ń dá èsúsú tuntun sílẹ̀, wọ́n bi í pé ipò wo ló fẹ́, wọ́n sì fi ìkẹta lọ̀ ọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní rárá, òun fẹ́ gbà kẹ́yìn. Wọ́n ní kí ló dé? Ó ní ẹni tó bá gbà níwájú ti yá owó ni, ẹni tó bá gbà kẹ́yìn ló ń tọ́jú owó. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ipò kẹjọ.